Etí Tí Ó Mọ Ilé

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìwé wa yìí, ọ̀ràn kékeré kan ni a fẹ́ bá yín sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé àgbàlagbà kan kúrò lórí ìjókòó tí ó ti jókòó sí fún ọdún 20. Ọ̀ràn náà ni ti bí etí ṣe lè mọ ìwọ̀n àlàfo tí ó wà láàárín ohùn kan àti èkejì nínú orin, àti bí ẹni tí iṣẹ́ òòjọ́ gba gbogbo ọjọ́ rẹ̀ ṣe lè kọ́ ọ láìfi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ní sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, a rán àwa mẹ́ta láti kọ́lẹ́ẹ̀jì wa pé kí a máa lọ ran ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan lọ́wọ́ ní alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀. Olórí akọrin wọn ti ṣí lọ sí ìlú mìíràn nítorí iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó lè dá orin titun sílẹ̀ fún wọn mọ́. Ènìyàn 14 ni a bá níbẹ̀. Kò sí ọmọ ilé ìwé kan nínú wọn: télọ̀ wà níbẹ̀, ìyá tí ń ta gàrì wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà, awakọ̀ wà, bíríkìlà sì wà pẹ̀lú. Gbogbo wọn mọ orúkọ dò, re, mí lórí ìwé, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó jókòó tì wọ́n bá ti ń kọ orin ni àwọn náà fi ń kọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ wá fún: kí àwọn lè mú ìwé orin titun lọ́wọ́, kí àwọn sì kọ ohùn tí ó wà níbẹ̀ láìsí ẹni tí yóò ṣíwájú àwọn. Ó rọrùn lójú wa, nítorí a ti yege nínú ìdánwò orin tiwa.

Kí a tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí à ń pè ní àlàfo ohùn. Bí a bá kọ dò, tí a sì kọ sò tẹ̀ lé e, jíjìnnà tí sò jìnnà sí dò ni àlàfo. A máa ń ka àlàfo bí àwọn bàbá wa ti ń ka ọjọ́ ọjà. Bí a bá ná ọjà ọrọọrún ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni a ó tún ná an. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà láàárín, ṣùgbọ́n ọrún ni à ń pè é, nítorí a ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Bákan náà ni dò, re, mí, fà, sò: ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni, ohùn márùn-ún sì ni, nítorí náà àlàfo ìkarùn-ún ni. Dò sí fà jẹ́ àlàfo ìkẹrin. Dò sí dò òkè jẹ́ àlàfo ìkẹjọ. Ẹni tí ó bá ti ná ọjà rí kì yóò ṣì í kà.

Ìgbésẹ̀ wọ̀nyí kò dọ́gba, sibẹ̀. Láti mí sí fà, àti láti tí sí dò, ìdajì ìgbésẹ̀ ni. Àwọn yòókù jẹ́ odidi. Bí a bá fi ìdajì ka gbogbo rẹ̀, ìdajì 12 ni ó wà láti dò dé dò òkè, 7 ni ó wà nínú àlàfo ìkarùn-ún, 5 sì ni ó wà nínú àlàfo ìkẹrin. Kí òǹkàwé wa jọ̀wọ́ di 7 àti 5 yìí mú, nítorí orí wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Bí a ti kọ́ wa fún ìdánwò ni àwa náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, a to gbogbo àlàfo láti orí ìkejì kékeré títí dé ìkẹjọ sójú pátákó, a sì fi wákàtí kan gbáko tẹ dùrù fún wọn pé, “Èwo ni èyí? Èwo ni èyí?” Wọ́n ń méfò. A ní kí wọ́n lọ máa ṣe wákàtí kan lójoojúmọ́ nílé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ènìyàn 9 ni ó wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ènìyàn 6. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni Bàbá télọ̀, ẹni tí ó ń kọ tẹ́nọ̀ kí a tó bí àwa, dìde nígbà tí a dé ibì kan nínú orin titun tí tẹ́nọ̀ ti kúrò lórí sò lọ sí dò òkè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó fò ó, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sì bọ́ sórí re òkè, tí ohùn rẹ̀ ń gbún ohùn àwọn obìnrin ní ìhà. Àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá pa ìwé orin rẹ̀ dé. Ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ ṣeun o. Etí mi ti gbó. Ẹ jẹ́ kí n fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé.” Ó kí wa, ó sì jáde.

Ojú tì wá. Nígbà tí a padà dé yàrá wa, ọ̀kan nínú wa ní kí a dán ara wa wò. Ó kọ ojú sí ògiri, ó ń fi ẹnu sọ ohùn méjì méjì, àwa méjì yòókù ń dáhùn. Bí ohùn náà bá ti ń gòkè, a ń gbà á. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí pe ìkẹrin ní ìkarùn-ún, a sì ń pe ìkarùn-ún ní ìkẹrin. Nígbà náà ni àṣírí wa tú. A kò mọ àlàfo; ìbẹ̀rẹ̀ orin ni a mọ̀. Ní àkókò ìdánwò, bí a bá gbọ́ àlàfo ìkẹrin, a ó sáré lọ sínú ọkàn wa láti wá orin oore-ọ̀fẹ́ ìyanu tí Jọ́ọ̀nù Níútìnì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1779, nítorí ohùn tí à ń kọ ọ́ sí bẹ̀rẹ̀ láti sò ìsàlẹ̀ sí dò. Bí a bá gbọ́ ìkarùn-ún, a ó rántí orin ìràwọ̀ kékeré tí àwọn ọmọdé ń kọ, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní dò, dò, sò, sò. Ọgbọ́n yìí ran ènìyàn lọ́wọ́ níbi ìdánwò tí a ti ń dúró de ìdáhùn. Ṣùgbọ́n orin kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí a tó rántí orin tí a fẹ́ fi wé e, ìlà ti kọjá. Bí àlàfo bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ orin tí ń gòkè kò wúlò fún un mọ́.

A tún rí ohun mìíràn tí ó jẹ́ ti àwa Yorùbá pàápàá. A ti gbà pé etí wa mú, nítorí ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́, ọkọ àti ọkọ̀ kò lè gbọ́ èdè wa. Òótọ́ ni, kíákíá ni àwọn akọrin wa ń mọ̀ bóyá ohùn gòkè tàbí ó sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè wa kò bi wá léèrè bí ó ti gòkè tó. Ohùn òkè ẹni kan lè fi ìwọ̀nba díẹ̀ ga ju ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, ti ẹlòmíràn lè ga jù bẹ́ẹ̀. Nínú gbólóhùn gígùn, ohùn òkè tí ó wà níparí tilẹ̀ lè rẹlẹ̀ ju ohùn òkè tí ó wà níbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yóò yé wa. Dò, re, mí tí a fi ń kọ́ ọmọ ní àmì ohùn ní ilé ìwé kì í ṣe dò, re, mí ti orin. Ti èdè jẹ́ ìsàlẹ̀, àárín àti òkè lásán. Ti orin ní ìwọ̀n. Nítorí náà ni Bàbá ṣe mọ̀ pé kí òun fò sókè láti orí sò, tí kò sì mọ ibi tí òun yóò balẹ̀ sí.

Níbo wá ni ìwọ̀n náà wà? Orí ohun tí ó ti wà lọ́wọ́ wa láti ìgbà èwe ni a padà sí. Sárà Gílọ́fà, olùkọ́ obìnrin kan ní ìlú Nọ́ríìjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣètò bí a ṣe lè fi lẹ́tà orúkọ ohùn kọ́ àwọn ọmọdé ní orin; ní 1841 ni àlùfáà Jọ́ọ̀nù Kọ́wìn gba ọ̀nà náà mú, ó sì tún un ṣe. Kì í ṣe jíjìnnà láàárín ohùn méjì ni Kọ́wìn ń tẹnu mọ́. Ó ń kọ́ni pé ohùn kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀ lábẹ́ dò. Dò ni ilé, ibẹ̀ ni ara ti ń balẹ̀. Sò dúró ṣinṣin bí òpó. Fà kò fẹ́ dúró. Ó ń fẹ́ rọra bọ́ sórí mí. Tí ń fẹ́ gun dò lọ. Àwọn àmì ọwọ́ tí a ń ṣe fún ohùn kọ̀ọ̀kan fi ìwà wọ̀nyí hàn: dò jẹ́ ìkúùkù, fà ń na àtàǹpàkò sísàlẹ̀, tí sì ń na ìka ìfábẹ̀lá sókè. A ti ń ṣe àmì wọ̀nyí láti kíláàsì kìn-ín-ní láìmọ ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni a lọ sí ìsọ̀ Bàbá. A dọ̀bálẹ̀, a ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú. Àwa ni a kò mọ̀ ọ́n kọ́, etí yín kò gbó.” Ó wò wá títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí a dìde kí a jókòó sórí àpótí. Ìsọ̀ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ titun, pẹ̀lú ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Báyìí ni a ṣe é.

A kọ́kọ́ kọ ohùn méjì fún un, sò ìsàlẹ̀ sí dò, láìdárúkọ wọn. A kò bi í pé àlàfo wo ni. A ní, “Bàbá, bí orin yìí bá fẹ́ parí, lórí èwo nínú méjèèjì ni yóò parí sí?” Ó kùn ún lẹ́nu díẹ̀, ó ní, “Ti òkè.” A kọ dò sí sò. Ó ní, “Ti ìsàlẹ̀.” Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni a yí i padà, ìgbà kan péré ni ó sì ṣì í. A wá sọ fún un pé ó ti mọ̀ ọ́n tán. Bí ilé bá wà lókè, sò sí dò ni, ìkẹrin ni. Bí ilé bá wà nísàlẹ̀, dò sí sò ni, ìkarùn-ún ni. Ìdí tí ó fi ń ṣì wọ́n pè tẹ́lẹ̀ kò le rárá. Orúkọ kan náà ni méjèèjì ní, dò àti sò. Láti sò gòkè lọ sí dò jẹ́ ìdajì 5. Láti sò sọ̀ kalẹ̀ sí dò jẹ́ ìdajì 7. Àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 12, tí í ṣe ìkẹjọ. Ìyá kan náà ni ó bí wọn. Nígbà tí Bàbá fò láti sò dé re òkè, ìdajì 7 ni ó gùn níbi tí 5 yẹ. Ó ń fi ẹsẹ̀ dò sí sò rìn ní ọ̀nà sò sí dò.

Inú wa dùn, a rò pé iṣẹ́ ti parí. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, a fi dùrù dá dò sílẹ̀ fún àwọn akọrin, a sì tẹ dò sí fà. Gbogbo wọn, Bàbá pẹ̀lú, pariwo pé, “Ìkarùn-ún!” Kò jẹ̀bi ẹnikẹ́ni, ilé wà nísàlẹ̀ lóòótọ́, nítorí a ti dá dò sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni a rí òpin ìbéèrè wa àkọ́kọ́. Ó ṣe ìrànwọ́ nígbà tí ohùn méjì bá dá dúró, ṣùgbọ́n nínú orin tí ilé rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀, a nílò ìbéèrè kejì: “Ṣé ohùn òkè náà dúró jẹ́ẹ́, tàbí ó ń fẹ́ yọ́ bọ́ sílẹ̀?” A ní kí wọ́n di dò mú, kí wọ́n kọ ohùn òkè náà, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó lọ sí ibi tí ó bá ń fẹ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ fà, ọ̀nà kúkúrú kan péré ni yóò gbà dé orí mí, ìdajì ìgbésẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sò, kì yóò tì wọ́n sí ibì kan. Ẹni tí kò bá dá a lójú lè gun àkàbà ní ìkọ̀kọ̀: dò, re, mí, fà, kí ó máa ka ìka rẹ̀ bí ẹni ń ka ọjọ́ ọjà, títí yóò fi bá ohùn náà pàdé. Ìka ń lọ́ra, ṣùgbọ́n kì í purọ́. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń lọ, a kì í lò ó mọ́.

Nísinsìnyí ó kan ti àkókò. A bi olúkúlùkù wọn léèrè àyè tí ó ní gan-an, kì í ṣe àyè tí ó wù ú kí ó ní. Kò sí ẹni tí ó ní wákàtí kan. Púpọ̀ nínú wọn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 8, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀. Orí ìyẹn ni a gbé ètò yìí kalẹ̀, a sì fi iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe lójoojúmọ́ ṣe àmì àkókò rẹ̀, kí ó má ba gbàgbé.

Ọjọ́ Ajé, ìṣẹ́jú 8. Orin kíkọ ni, kì í ṣe ìdánwò. Kí ó dá dò sílẹ̀ ní ibi tí ó rọ ohùn rẹ̀ lọ́rùn, kí ó gun àkàbà lọ sókè kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó wá máa kọ àlàfo méjèèjì ti ọ̀sẹ̀ náà pẹ̀lú àmì ọwọ́, kí ó sì máa padà sílé sórí dò lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá ń ṣe tirẹ̀ kí ó tó ṣí aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ohun tí ẹnu kò bá lè kọ, etí kì í sábà mọ̀ ọ́n dájú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìṣẹ́jú 8. Ìgbọ́ràn ni. Kí ẹlòmíràn fi ẹnu tàbí dùrù bi í ní ìbéèrè 10, àlàfo méjì péré ni kí ó wà nínú wọn, kí ó sì kọ iye tí ó gbà sílẹ̀. Ìyá tí ń ta gàrì kò ní ẹni tí yóò bi í, nítorí náà nọ́ọ̀sì bá a gba ìbéèrè sínú fóònù rẹ̀, pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ìdáhùn tó dé. Ó ń gbọ́ ọ bí ó bá ti pàtẹ ọjà rẹ̀ tán.

Ọjọ́rú, ìṣẹ́jú 3, lójú ọ̀nà. Kò sí dùrù, kò sí ìwé. Kí ó kùn dò, kí ó dákẹ́, kí ó gbọ́ sò nínú ọkàn rẹ̀, kí ó tó wá kọ ọ́ síta láti wò ó bóyá ó bá a mu.

Ọjọ́bọ̀, ìṣẹ́jú 10 ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé akọrin. Olùkọ́ yóò fi àmì ọwọ́ hàn, wọn yóò kọ ọ́. Lẹ́yìn náà wọn yóò wá àlàfo ọ̀sẹ̀ náà rí nínú orin tí wọ́n fẹ́ kọ́, wọn yóò sì fi ohùn rẹ̀ kọ ọ́ kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ orin sí i. A rí i pé ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí bí ọ̀rọ̀ Yorùbá bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ohùn orin ń gòkè, ẹnu akọrin máa ń fẹ́ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, àlàfo yóò sì fún pọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ìṣẹ́jú 8. Bí ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n kí ohùn máa sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo ìbéèrè 10 náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìsinmi. Bí ẹnìkan bá pàdánù ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ó lè ṣe é níhìn-ín. Bí ó bá pàdánù ọjọ́ méjì, kí ó ṣe ẹyọ kan, kí ó sì dárí ji ara rẹ̀ fún èkejì. A fi èyí ṣe òfin, nítorí gbèsè tí a kó jọ ni ó lé àwọn ènìyàn 8 lọ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi, nínú orin ìjọ, kí ó fetí sílẹ̀ de àlàfo kan ṣoṣo, kí ó sì fi lẹ́ẹ̀dì ṣe àmì sí ibi tí ó ti gbọ́ ọ. Bí a bá yọ èyí sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 37 ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀rọ̀ iye tí ènìyàn gbà nínú 10 fẹ́ àlàyé. Awakọ̀ wá bá wa pẹ̀lú ayọ̀ pé òun gba 6. A kò fẹ́ bà á lọ́kàn jẹ́, ṣùgbọ́n bí ìdáhùn bá jẹ́ méjì péré, ẹni tí ó di etí rẹ̀ tí ó sì ń méfò yóò máa gba nǹkan bí 5. Mẹ́fà kò tíì fi ohunkóhun hàn. Bí ẹnìkan bá méfò ní ìgbà 100, bí ìgbà 5 tàbí 6 péré ni yóò gba 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ni a ṣe sọ pé ẹni tí ó bá gba 8 ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ó kọjá sí àlàfo mìíràn. Bí iye náà bá sì ń dínkù lẹ́yìn ìbéèrè keje tàbí ìkẹjọ, kì í ṣe àìmọ̀; etí ti rẹ̀ ẹ́, kí ó dúró níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 9 ni ó kù nínú sáà nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ètò yìí. A fi 2 ya ìkẹjọ àti ìkarùn-ún sọ́tọ̀, a fi 4 ya ìkarùn-ún àti ìkẹrin sọ́tọ̀, nítorí àwọn ni wọ́n le jù. A sì fi 3 tí ó kù bẹ̀rẹ̀ ìkẹta ńlá, bí ti dò sí mí tí ó jẹ́ ìdajì 4, àti ìkẹta kékeré, bí ti mí sí sò tí ó jẹ́ ìdajì 3. A kò parí wọn. A kò sì fọwọ́ kan ìkẹfà àti ìkeje rárá. Nígbà tí a tẹ ohùn méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí dùrù, púpọ̀ nínú wọn kò tíì lè ya ìkẹrin kúrò lára ìkarùn-ún, nítorí méjèèjì ń dún ṣinṣin bákan náà. Ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má rò pé ètò yìí yóò jẹ́ kí òun gbọ́ agogo kan kí òun sì dárúkọ ohùn rẹ̀ láìsí ohun tí òun fi wé. Ilé ni ó ń kọ́ni láti mọ̀. Bí a kò bá dá dò sílẹ̀, kò sí ilé.

Ohun kan tún wà tí ó rú wa lójú tí a fẹ́ kí àwọn tí yóò ṣe é mọ̀. Bí obìnrin bá ń bi ọkùnrin ní ìbéèrè, ọkùnrin a máa dáhùn ní ohùn tirẹ̀ tí ó fi ìkẹjọ rẹlẹ̀, kò sì sí àṣìṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn yóò gba ohùn àkọ́kọ́ ní ibi tí obìnrin náà kọ ọ́ sí, yóò sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ fún èkejì nítorí pé òkè ti ga jù fún un. Ìkẹrin tí ń gòkè yóò wá di ìkarùn-ún tí ń sọ̀ kalẹ̀ ní ẹnu rẹ̀, àwọn méjèèjì yóò sì máa jiyàn. Kí ọkùnrin kọ́kọ́ gba dò sílẹ̀ sí ibi tí ó bá ohùn rẹ̀ mu kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀, ìjà yóò parí.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó kẹ́yìn nínú sáà, wọ́n kọ orin tí ó lé Bàbá jáde. Ènìyàn 12 ni ó wà lórí ìjókòó. Ẹ̀yìn ni àwa jókòó sí, a kò mú ọwọ́ sókè láti darí wọn. Nígbà tí wọ́n dé orí sò náà, a rí i tí Bàbá di ìkúùkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ rẹ̀, àmì dò, kí ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ rárá. Ó ti gbọ́ ilé kí ó tó fò. Ó sì balẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn ìsìn, a lọ kí i. Kò sọ̀rọ̀ nípa orin. Ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà, ìlà kẹta yẹn, ìkẹta kékeré ni àbí ńlá? Mo ti wò ó láti àná.” A kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. A kùn ún lẹ́nu, a ka ìka wa, a sì sọ fún un pé kékeré ni. Ó ní òun náà rò bẹ́ẹ̀.